Bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ gé ìkíni kúrú nígbà tí ojú bá ń kán ni

Láàárín àwa Yorùbá Kétu, Ṣábẹ, Ìdàáṣà àti Àjàṣẹ́, ẹni tí ojú ń kán kì í gé ìkíni láti iwájú, kì í sì í gé e láti ẹ̀yìn. Àárín ni ó ti ń gé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n dàgbà ní Kútọnù tàbí ní òkè òkun kò mọ èyí. Wọ́n rò pé bí ìkíni ṣe gùn tó ni àgbà ń wò, nítorí náà wọ́n á fẹsẹ̀ palẹ̀ títí ọkọ̀ á fi já wọn sílẹ̀, tàbí kí wọ́n sá gba ẹ̀yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Kò sí èyí tó pọn dandan nínú méjèèjì. Ọ̀nà wà láti kí ìyá àgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí inú rẹ̀ sì dùn sí ni. Ọ̀nà yẹn ni a fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Yorùbá tí gbogbo wa lè kà ni a fi kọ àwọn àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀ka èdè ìlú kọ̀ọ̀kan lè yí ohùn tàbí ọ̀rọ̀ kan padà, kí ẹni tó bá ń kà á fi sí ẹnu ilé tirẹ̀.

Ohun tó ṣeé gé àti ohun tí kò ṣeé gé

Ìkíni wa ní orí, ó ní àárín, ó sì ní ìdí. Orí rẹ̀ ni èyí tó sọ àkókò àti ipò tí a bá ènìyàn: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà. Àárín rẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé ara wọn: ṣé dáadáa ni ẹ jí, ara ńkọ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, bàbá ńkọ́, àwọn ará oko ńkọ́. Ìdí rẹ̀ ni ìdágbére: ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ẹ bá mi kí ilé, ó dàbọ̀.

Orí kò ṣeé gé, nítorí pé òun ló fi hàn pé o rí ẹni náà, o sì mọ ipò tó wà. Bí ìyá kan bá jókòó tí ò ń kọjá lọ, tí o sọ pé «ẹ káàárọ̀» láì fi «ẹ kú ìjókòó» tì í, ó mọ̀ pé ìwọ ò wò ó dáadáa. Ìdí kò ṣeé gé pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó bá kúrò láì dágbére dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tàbí ẹni tó ń sá fún nǹkan. Ṣùgbọ́n àárín ṣeé gé. Èsì kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ìbéèrè yẹn ń gbà: a dúpẹ́, wọ́n wà, dáadáa ni. Bí o bá bi ẹnì kan ní ìbéèrè méje tàbí ọ̀kan, «a dúpẹ́» ni yóò sọ.

Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó bá ń gé àárín máa fi etí sílẹ̀ gidigidi sí ìbéèrè kan tó bá kù. Nígbà mìíràn, èsì kì í jẹ́ «a dúpẹ́». Àgbà lè sọ pé «a ṣì ń mí», tàbí «à ń bá a yí», tàbí kí ó sọ pé «a dúpẹ́ ná» kí ó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn. Àgbà kì í sáà sọ ìṣòro rẹ̀ ní ojú ọ̀nà láìjẹ́ pé a bi í lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ìwọ yóò wọlé. Bí o bá gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀, ìkánjú ti parí. Dúró, kí o sọ pé «Kí ló dé, Ìyá?» Ọkọ̀ mìíràn yóò wá. Ẹni tó bá gbójú fo «a ṣì ń mí», tó sì sáré lọ, òun ni wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú agboolé fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe ẹni tó kí wọn ní kúkúrú.

Àpẹẹrẹ kan láti Kétu

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ní kùtùkùtù. Ìyá àgbà kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà agboolé. Àbúrò bàbá bàbá rẹ̀ ni, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà kọjá. Bí ìkíni náà ṣe yẹ kí ó rí nìyí:

— Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìjókòó.
— Káàárọ̀, Àkànní. Ṣé o jí ire?
— A dúpẹ́, Ìyá. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?
— Ó ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ ńkọ́?
— Wọ́n wà, Ìyá. Ẹ má bínú, ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ló ń dúró dè mí níbùdókọ̀. Tí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, màá wá jókòó tì yín.
— Háà, kí ọkọ̀ má já ọ sílẹ̀ o. Ó yá, máa lọ. Lọ ire, bọ̀ ire.
— Àmín, Ìyá. Ẹ bá mi kí wọn nínú ilé. Ó dàbọ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀, tàbí ó kéré tán ó fọwọ́ kan ilẹ̀, kí ó tó la ẹnu. Ó kí i ní kíkún, ó sì jẹ́ kí ìyá náà dáhùn kí ó tó sọ ohunkóhun nípa ìkánjú. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò béèrè «ilé ńkọ́» tí gbogbo ayé ń béèrè. Ó béèrè nípa ẹsẹ̀ tó mọ̀ pé ó ń dun ìyá náà. Ìbéèrè kan tó bá ọ̀rọ̀ ẹni náà mu ń ṣe iṣẹ́ ìbéèrè márùn-ún tí a ka sórí, nítorí ó fi hàn pé o kò gbàgbé ohun tó sọ fún ọ nígbà tó kọjá.

Ẹ wo bí ó ṣe sọ ìkánjú rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sọ pé «mo ń kánjú». Ó sọ pé ọkọ̀ ló ń dúró de òun, ó sì dárúkọ ibi tó ń lọ. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Bí o bá sọ pé «mo ń kánjú», ohun tí àgbà gbọ́ ni pé iṣẹ́ rẹ ṣe pàtàkì ju òun lọ. Bí o bá sọ pé ọkọ̀ ń dúró, tàbí pé wọ́n ní kí o gbé oògùn lọ fún aláìsàn, tàbí pé agogo ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ lù, nǹkan mìíràn ló ń fà ọ́, ìwọ àti ìyá náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí ọkọ̀ má já a sílẹ̀. «Mo ní iṣẹ́ láti ṣe» kì í ṣe ìdí rárá. Ta ni kò ní iṣẹ́?

Èyí tó ṣòro jù fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni dídúró de ìdásílẹ̀. «Ó yá, máa lọ» tí ìyá náà sọ ni ó tú ọmọ náà sílẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, kò yí ẹ̀yìn padà. Ìdásílẹ̀ lè jẹ́ «ó yá», ó lè jẹ́ «má jẹ́ kí n dá ọ dúró», ó sì lè jẹ́ àdúrà. Bí ó bá jẹ́ àdúrà, a kì í rìn nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. A dúró, a tẹrí ba, a ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ ń fun fèrè. Bí ìdásílẹ̀ kò bá wá, tí àgbà náà tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, kì í ṣe pé kí o tún sọ pé ojú ń kán ọ. Gba ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá mí, kí o sì tọrọ àyè: «Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n lọ, kí n sì wá gbọ́ èyí tó kù.» Ọ̀rọ̀ «èyí tó kù» ṣe pàtàkì, torí ó sọ fún un pé ìtàn náà kò ní ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n bá ń kì ọ́

Ohun kan ṣoṣo wà tí a kò rí ọ̀nà àbùjá sí, òun ni oríkì. Àwọn ìyá wa ṣì ń kí ọmọ tó wá kí wọn ní àárọ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ọmọ á wà ní ìkúnlẹ̀ tàbí ní ìdọ̀bálẹ̀, ìyá á pe Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́, kí ó tó wọ inú oríkì orílẹ̀, ti baba ńlá rẹ̀. A kì í dìde nígbà tí wọ́n bá ń kì ni. Ẹni tó bá dìde ti kọ baba rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí «ẹ má bínú» tó lè tún un ṣe ní kíákíá.

Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé òun ń kánjú gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ kí oríkì tó bẹ̀rẹ̀. Àmì wà. Ìyá á yí ohùn padà, á fa orúkọ oríkì rẹ gùn ju bó ṣe máa ń pè é lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà á sì fọwọ́ lé ọ ní orí tàbí ní èjìká. Bí o bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ó ti pẹ́ jù, dúró kí o gba tìrẹ. Bí o bá sì tètè sọ̀rọ̀, ìyá tó gbọ́n á kì ọ́ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, á sì fi àdúrà dí i. Mo ti rí ìyá kan tó ń kì ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà fi jìnnà sí i dé ìkóríta, tó ń pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ń rìn sẹ́yìn-sẹ́yìn, ó ń tẹrí ba, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kó máa lọ ná, kò sì sẹ́ni tó rí àléébù nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére àti gbèsè tó wà nínú rẹ̀

Èmi fúnra mi kọ́ èyí nípa àṣìṣe. Nígbà tí mo ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń sọ fún bàbá àgbà kan ládùúgbò wa pé «mo ń bọ̀, Bàbá» ní gbogbo àárọ̀, kí n lè tètè kọjá. N kì í padà. Ní ọjọ́ kan mo kí i, ó wò mí, ó ní: «Ìwọ tí ò ń bọ̀ láti oṣù tó kọjá, ṣé o ti wá dé?» Gbogbo àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì gbọ́ ìtàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó ń sọ ni pé «mo ń bọ̀» jẹ́ ìlérí. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí ibẹ̀ láìpẹ́ ló ń sọ ọ́. «Màá yà» fúyẹ́ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí pé ó túmọ̀ sí pé bí mo bá ń padà bọ̀, màá ya ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa retí rẹ ní ọjọ́ náà. «Ó dàbọ̀» kò dá ọjọ́. «Ó di àbọ̀» ni ó ti wá, ìyẹn ni pé ó di ìgbà tí a bá bọ̀, ó sì tọ́ fún ìrìn àjò kúkúrú àti gígùn. «Ó dàárọ̀» jẹ́ ti alẹ́ nìkan. Bí o bá sọ ọ́ ní ọ̀sán, wọ́n á bi ọ́ bóyá oorun ń kùn ọ́. Bí o kò bá mọ ìgbà tí ẹ tún máa rí ara yín, «ó di ìgbà kan ná» ló dára jù, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìkíni tí a gé kúrú jẹ́ gbèsè kékeré. Ọmọ tó lọ sí Àjàṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ padà wá jókòó. Bí ó bá dé lálẹ́ tí ìyá ti sùn, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kì í kàn sọ pé «ẹ káàárọ̀». Á fi «ẹ kú àná o, Ìyá, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé» tì í. Ó ti san án nìyẹn. Bí ó bá mọ̀ pé òun kò ní lè yà, ó sàn kí ó rán ọmọdé kan lọ kí ìyá náà ju kí ó ṣèlérí lọ. Ìkíni tí a rán jẹ́ ìkíni, bí ọmọ tí a rán bá lè jíṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ẹsẹ̀, ẹrù àti alùpùpù

Bí ara ṣe rí nígbà tí a bá ń kí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹni tó bá wà lórí alùpùpù, ì báà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti sẹ́mijàn tó ń gbé e lọ, kò gbọdọ̀ kí àgbà láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kò pọn dandan kí o sọ̀ kalẹ̀ pátápátá bí ọ̀nà bá jìn sí i, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó dúró, ṣí fìlà tàbí akoto orí rẹ, kí o sì tẹrí ba. Ìkíni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pẹ̀lú alùpùpù tó dúró níyì ju èyí tó gùn tí a ń pariwo nígbà tí a ń kọjá lọ. Ẹni tó ru ẹrù sórí ní ìdáríjì tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí pé obìnrin tó ru igbá ẹ̀kọ kí ó kúnlẹ̀. Á rọ orúnkún díẹ̀, àgbà fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yára tú u sílẹ̀.

Bí ẹ bá pọ̀ níbi tí o dé, kì í ṣe dandan kí o kí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí àgbà jù lọ pẹ̀lú orúkọ tí ò ń pè é, kí o wá fi «àti gbogbo ilé» parí rẹ̀. Ìyàwó ilé nìkan ni èyí kì í rọrùn fún, nítorí pé nínú agboolé ọkọ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí kí ó tó wọlé jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá kí gbogbo ilé pọ̀ tó sì lọ, ẹnì kan lè sọ pé ó fo òun. Àwọn ìyàwó tó ti pẹ́ máa ń tètè jí ju wákàtí ọjà wọn lọ nítorí èyí, ó sì ṣeé ṣe kí òótọ́ jẹ́ pé kò sí ìkíni kúkúrú fún ìyàwó tuntun.

Àjàṣẹ́ àti fóònù

Ní Àjàṣẹ́, níbi tí Yorùbá àti Gùn ti ń gbé pọ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí Faransé sì jẹ́ èdè ọ́fíìsì, àwọn kan máa ń fi «bọ̀njúù» gé ìkíni kúrú. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹgbẹ́, kò sì ṣiṣẹ́ fún àgbà tó mọ̀ pé o gbọ́ Yorùbá. Lójú tirẹ̀, o ti yí èdè padà kí o má baà kúnlẹ̀. Láàárín àwọn Mùsùlùmí ìlú náà, sálámà wà ní ipò orí ìkíni, ṣùgbọ́n kò gba ipò ìdágbére. Ẹni tó bá ṣe sálámà ṣì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí ó tó lọ.

Ti fóònù yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé àgbà kò rí ọ̀nà tó wà níwájú rẹ. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ ń fun fèrè. Sọ ìdí rẹ ní kété tí orí ìkíni bá ti parí: «Bàbá, ojú ọ̀nà ni mo wà, mo ní kí n gbọ́ ohùn yín ni.» Nígbà náà, ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò ní gùn, ó sì máa sọ èyí tó ṣe kókó ní àkọ́kọ́. Má ṣe sọ pé kírédì ń tán bí kò bá ń tán, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn á pè ọ́ padà pẹ̀lú owó tiwọn. Lẹ́yìn «ó dàbọ̀», jẹ́ kí àgbà pa fóònù ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rántí àdúrà kan sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti dágbére, bí o bá sì ti pa á, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa gbà á fún.